Ọ̀bọ kọ́: bí mo ṣe tún ìpínrọ̀ Ihò Eléérú kọ

Bí ẹ bá rántí, ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, ìpínrọ̀ kan wà ní igun ọ̀tún ara ògiri yìí tí mo fi máákà pupa kọ àkọlé rẹ̀ gàdàgbà pé: "Ọ̀bọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di èèyàn, Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí ni wọ́n ti rí i!" Èmi ni mo kọ ọ́. Àwọn jùníọ̀ ṣùrù bò ó bí eṣinṣin. Ọjọ́ méjì péré ló lò kó tó kúrò lára ògiri. Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí mo ti ṣìnà, àti bí mo ṣe tún un kọ. Èyí tí mo tún kọ wà nísàlẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá ìwádìí ìjìnlẹ̀ kan tó kan ìpínlẹ̀ wa, kó sọ ọ́ di ìpínrọ̀ kan irú èyí tó máa ń wà nínú magasíìnì, tí ẹni tí kò ka sáyẹ́ǹsì náà máa gbádùn. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá. Àràárọ̀ ni mo máa ń gba Àkùngbá kọjá tí mo bá ń ti Ọ̀kà bọ̀ wá sí Ìkàrẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló bá mi tẹ ìwádìí kan jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Agbárí kan tí wọ́n hú jáde lábẹ́ àpáta kan tó ń jẹ́ Ihò Eléérú ni ìwádìí náà dá lé. Inú jọ́nà kan tó ń jẹ́ PLoS ONE ló ti jáde, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Àwọn mẹ́fà ló kọ ọ́. Katerina Harvati ló ṣáájú wọn, Caleb Adébáyọ̀ Folọ́runṣọ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára wọn.

Ní òkè pátápátá, kí ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀, àkópọ̀ ìwádìí wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń ká gbogbo iṣẹ́ wọn mọ́ ibẹ̀, kí onímọ̀ bíi tiwọn lè tètè mọ̀ bóyá kóun ka ìyókù. Kì í ṣe irú èmi ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, orí mi ń ta mí. Mo ń rí mọfomẹ́tíríìkì, mo ń rí Purokurọ́sítíìsì, mo ń rí Pulaisitosíìnì, ó dà bíi pé wọ́n ń pe orúkọ oògùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tà sí mi létí: àkéíìkì. Mo yẹ dikiṣọ́nárì wò, ó ní ohun tó ti pẹ́ gan-an ni. Mo wá bi ara mi pé, kí ló pẹ́ ju èèyàn lọ? Ọ̀bọ ni. Ó tán. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo ti kọ ìpínrọ̀ mi tán, inú mi sì ń dùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní kíláàsì wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti agbègbè ibi tí àpáta yẹn wà wá, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Bí ìpínrọ̀ mi ṣe gun ògiri báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọmọ Ọ̀bọ. Ní ọjọ́ kìíní, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, kò bá wa jáde ní bíréèkì, inú kíláàsì ló ti jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Nígbà tá a jáde, ó dúró dè mí ní ẹnu géètì, ó ní, "Ṣé ohun tó wà nínú ìwé yẹn nìyẹn, àbí ìwọ lo rò ó?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá wa tó ń bójú tó ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, àwọn náà ló ń kọ́ wa ní bàọ́lọ́jì. Wọn ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n yọ ìpínrọ̀ mi kúrò lára ògiri, wọ́n ní kí n mú ìwé náà wá, wọ́n ní, "Fi ìka kan ibi tí wọ́n ti pè é ní ọ̀bọ." Mo wá a títí, kò sí níbẹ̀. Wọ́n wá fún mi ní bírò mẹ́ta, pupa, búlúù àti dúdú. Wọ́n ní kí n fi pupa fa ìlà sábẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ náà ṣe, kí n fi búlúù fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n rí, kí n sì fi dúdú fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí. Wọ́n ní àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ yìí ni kí òǹkọ̀wé mú ohun tó yẹ kó ní ìlà dúdú, kó kọ ọ́ bí ẹni pé búlúù ni. Tèmi tiẹ̀ wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tí mo kọ kò ní ìlà kankan lábẹ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọ̀ bírò náà ṣe tẹ̀ léra.

Pupa ló gba ibi tó pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn orúkọ oògùn yẹn wà. Ohun méjì ni wọ́n ṣe. Èkíní, wọ́n wo bí agbárí náà ṣe rí. Wọ́n yan àwọn ojúkò kan lára rẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà gba ipò ojúkò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ agbárí mìíràn, ti èèyàn òde òní àti ti ayé àtijọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní Purokurọ́sítíìsì kò ju kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ńlá àti kékeré kúrò níbẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wo fọ́tò orí méjì tí wọ́n fẹ̀ dé ìwọ̀n kan náà, tí wọ́n wá gbé lé ara wọn, tí wọ́n sì gbé e sókè sí oòrùn. Ibi tí wọn ò bá ti bára mu, bí orí kọ̀ọ̀kan ṣe rí ló fà á, kì í ṣe pé ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ.

Èkejì, wọ́n wá ọjọ́ orí egungun náà. Wọ́n mú èékù kékeré kan láti ara egungun gígùn kan, wọ́n wo yúréníọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá wa ṣàlàyé pé egungun tó wà nínú ilẹ̀ máa ń fa yúréníọ̀mù mu látinú omi ilẹ̀, yúréníọ̀mù yẹn á sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀ sí ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní tóríọ̀mù, ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá dé ìdí àdògán, tó wo eérú tó wà nílẹ̀ àti igi tó ṣẹ́kù, tó wá ṣírò ìgbà tí wọ́n ti dá iná náà. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni mo rántí pé Eléérú ni orúkọ ihò náà, ẹ̀rín sì pa mí.

Búlúù kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí agbárí náà ṣe rí tọ́ka sí i pé ó jọ ti àwọn èèyàn àtijọ́ kan ní Áfíríkà, àwọn tí wọ́n ń pè ní àkéíìkì. Èèyàn ni wọ́n o, àmọ́ orí wọn kò rí bíi tiwa gẹ́lẹ́. Wọ́n tún ní ọjọ́ orí egungun náà jẹ́ 11.7 sí 16.3, wọ́n wá kọ lẹ́tà méjì sí i níwájú: ka. Mo ti fo lẹ́tà méjì yẹn tẹ́lẹ̀. Àṣé ẹgbẹ̀rún ọdún ló túmọ̀ sí. Ọdún 11,700 sí 16,300 ni wọ́n ń sọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé "ọdún 14,000", kó lè rọrùn lẹ́nu. Ọ̀gá wa kọ̀. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ náà kò sọ pé ó jẹ́ iye kan, àárín iye méjì ni wọ́n sọ. Bí mo bá mú àárín gbùngbùn rẹ̀, ohun tí wọn ò mọ̀ ni mò ń fi sí wọn lẹ́nu.

Dúdú wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ohun tí wọ́n rí bá èrò kan mu, pé ní Áfíríkà ayé àtijọ́, àwọn èèyàn kò jẹ́ agbo kan ṣoṣo tó ń yí padà pa pọ̀. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà, tí wọ́n gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n tún jẹ́wọ́ pé egungun àtijọ́ tí wọ́n tíì rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kéré jọjọ, pé ohun tí a kò mọ̀ nípa ibí yìí pọ̀ gan-an. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n lò: "tọ́ka sí", "ti èyí lẹ́yìn", "bá a mu". Nínú ìpínrọ̀ tèmi, mo kọ "wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀" lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ pé "bá a mu" àti "fìdí múlẹ̀" jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní tòótọ́, kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo tẹ̀ lé àkópọ̀ náà ní ẹsẹ-n-tẹ̀lé-ẹsẹ̀: mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbà òkúta, mo kọjá sí ojúkò, mo kọjá sí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà yúréníọ̀mù, kí n tó wá dé ohun tí wọ́n rí. Mo gbé e fún jùníọ̀ kan pé kó kà á sókè. Ó ka ìlà kan àti àbọ̀, ojú rẹ̀ sì ti wà lára èsì bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ní, "Sínyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìtàn yẹn ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ó gbé ìbéèrè. Onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣe é, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣe é dáadáa. Ẹni tó dúró síwájú ògiri pẹ̀lú bàágì léjìká kò bá ìyẹn wá. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ náà lẹ́nu ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Kí ló yà wọ́n lẹ́nu? Mo tún wo àwọn ìlà búlúù mi, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun méjì tí wọ́n rí ń bára wọn jà. Bí orí ṣe rí ní ẹni àtijọ́ pátápátá ni. Ọjọ́ orí egungun ní rárá o, ẹni tó kú láìpẹ́ ni. Àkópọ̀ náà kò pariwo èyí, torí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún á ti mọ̀ pé ọdún 16,300 kò tó nǹkan. Àwa la ò mọ̀. Ní Jebel Irhoud ní Mòrókò, wọ́n ti rí egungun irú èèyàn bíi tiwa tó ti tó nǹkan bí 300,000 ọdún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ẹni Ihò Eléérú dà bí ẹni àná. Bí mo ṣe rí èyí, àlá tí mò ń lá pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni èèyàn àkọ́kọ́ ti ṣẹ̀ wá náà fò lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí òǹkàwé máa fẹ́ mọ̀, tí kò sì sí nínú àkópọ̀ náà. Níbo gan-an? Ta ló hú u? Mo ní láti wọ inú ìwé náà fúnra rẹ̀ lọ kí n tó rí i pé Thurstan Shaw àti Daniels ló wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1965, pé èédú tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti kọ́kọ́ fún wọn ní ọjọ́ orí tó lé ní 11,000 ọdún. Yúréníọ̀mù kò ta kò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo ka ìpínrọ̀ náà fún Màámá àgbà nílé ní Ọ̀kà. Wọn ò lọ sílé ìwé, nítorí náà Yorùbá lásán ni mo fi sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ń ya ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló sin ín?"

Mo ní, "Màámá, ta ni?"

"Ẹni tó ni orí yẹn ńkọ́! O ní abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti wú u. Ṣé ó kàn ṣubú síbẹ̀ ni, àbí wọ́n sin ín?"

Mo sáré mú ìwé náà. Ó wà níbẹ̀, nínú àkópọ̀ náà gan-an, ní òkè níbi tí mo ti fo ó kọjá: òkú tí wọ́n sin ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, mi ò sì fa ìlà kankan sábẹ́ rẹ̀ torí kò le, kò dà bíi sáyẹ́ǹsì. Màámá ní, "Ó dáa nígbà yẹn. Ẹni tó lẹ́ni ni. Ọ̀bọ kì í sìnkú ọ̀bọ." Wọ́n sì bá ẹ̀fọ́ wọn lọ. Èmi jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń wá láti fi bẹ ọ̀rẹ́ mi wà nínú ìwé yẹn láti ọjọ́ kìíní.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ìpínrọ̀ kẹta lọ bá a kí n tó fi han ọ̀gá wa. Mo tọrọ àforíjì. Kò sọ nǹkan kan. Ó gba bébà náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní kí n fún òun ní ìwé àwọn onímọ̀ náà pẹ̀lú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbójú sókè. Mo ti kọ ọ́ pé ẹni náà dà bí "ọmọ àná tó gbé ojú bàbá ńlá rẹ̀ wáyé". Ó fi ìka sí àkọlé ìwé náà, ó ní, "Irú agbárí tí wọ́n ń sọ níbí kò ní egungun ojú. Òkè orí nìkan ni. Ojú wo lo wá rí?" Òótọ́ ni. Àfiwé mi dùn, ṣùgbọ́n ó ń parọ́ díẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fagi lé "ojú", ó kọ "orí" sókè rẹ̀. Bó ṣe rí nìyí:

"Ta ni wọ́n sin sí Ihò Eléérú? Ní 1965, àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun ẹnì kan jáde lábẹ́ àpáta kan nítòsí Isarun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló sin ín síbẹ̀, irinṣẹ́ òkúta wọn sì wà nínú ilẹ̀ kan náà. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá àdììtú pàdé. Egungun náà fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún 11,700 sí 16,300 sẹ́yìn ni ẹni náà gbé ayé, èyí tí kò pẹ́ nínú ìtàn ọmọ aráyé. Ṣùgbọ́n bí agbárí rẹ̀ ṣe rí jọ ti àwọn èèyàn tó ti gbé Áfíríkà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀, àfi bí ọmọ àná tó gbé orí bàbá ńlá rẹ̀ wáyé. Báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ náà rò pé ó bá èrò kan mu: pé láyé àtijọ́, oríṣiríṣi ẹ̀yà èèyàn gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Áfíríkà fún ìgbà pípẹ́. Agbárí kan ṣoṣo nìyí, kò tó láti fi parí ẹjọ́. Egungun irú rẹ̀ tí wọ́n tíì rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò pọ̀ rárá."

Ọ̀gá wa kà á, wọ́n ní ó lè gun ògiri. Àkọlé ni ó kù. Mo tún fẹ́ fi máákà pupa kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi búlúù kọ ọ́.